Omi Inú Imọ̀, Omi Inú Igbá: Ọ̀rọ̀ Lórí Fífi Ohun Oko Ṣe Ọ̀ṣọ́ Òde Ayẹyẹ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ òde ti di iṣẹ́ òòjọ́ yín. Imọ̀ ọ̀pẹ, igbá àti òdòdó gbígbẹ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí a ti ń gbọ́ tí àwọn tó lò wọ́n ń ráhùn: imọ̀ ti ká jọ kí àlejò tó jókòó tán, igbá bu nínú àpótí tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì bò ó, òdòdó ń já wálẹ̀ sínú àwo oúnjẹ. Àwọn èèyàn a máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọwọ́ oníṣẹ́, ṣùgbọ́n omi ló sábà máa ń fà á. Imọ̀ ń fẹ́ kí omi ara rẹ̀ wà níbẹ̀ títí òde yóò fi tú. Igbá àti òdòdó ń fẹ́ kí omi ara wọn ti gbẹ tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ ayẹyẹ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ tí a ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú òde kan pàtó, ká sì máa bá a lọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Ìgbéyàwó ni, ní àgbàlá ilé, ní ọjọ́ Sátidé kan láàárín oṣù Dìsẹ́ńbà. Ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ẹnu géètì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, a sì fẹ́ fi imọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ tó tẹ̀ kọrọdọ bò ó lórí. A fẹ́ kèrègbè méjìlá tí iná yóò máa tàn nínú wọn bí ilẹ̀ bá ṣú, a sì fẹ́ òdòdó gbígbẹ sórí tábìlì mẹ́wàá.

Igbá ni a ó kọ́kọ́ mú, torí òun ni ọ̀nà rẹ̀ jìn jù. Igbá tí wọ́n gbìn nígbà òjò ń gbó bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Títóbi rẹ̀ kò sọ pé ó ti gbó. Ẹ wo ibi tó ti so mọ́ ìtàkùn: ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbẹ bí igi ìdáná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀. Bí èékánná bá fi àpá sílẹ̀, bó ti wù kí àpá náà kéré tó, ẹ fi í sílẹ̀ lórí ìtàkùn. Igbá tí a já kó tó gbó kò ní àtúnṣe mọ́. Èèpo rẹ̀ kò tíì le, nítorí náà bí omi ti ń jáde nínú rẹ̀ ni yóò máa hunjọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan yóò sì jìn wọnú.

Ọ̀nà méjì ló wà láti gbẹ igbá tó bá gbó. Àkọ́kọ́ ni kí a tò ó sórí àtẹ igi níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, lábẹ́ òjìji, ká má fi í kan ara wọn, ká sì máa yí i padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ìyẹn lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta fún èyí tó tóbi. Ara rẹ̀ yóò bu láàárín ìgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Omi inú rẹ̀ ló ń gba ara èèpo jáde. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Èyí tó bá rọ̀ tí ó sì ń ṣomi nìkan ni kí ẹ gbé sọnù. Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ igbá wa mọ̀ dáadáa, òun ni a ó sì lò nítorí Dìsẹ́ńbà kò jìnnà. Ẹ gé ìdí kèrègbè ní ihò roboto tó fẹ̀ ní íǹṣì 3, kí ọwọ́ ọmọdé lè wọlé. Ẹ rọ omi kún inú rẹ̀, kí ẹ sì ri gbogbo rẹ̀ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Inú rẹ̀ yóò rà. Yóò rùn gan-an, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí ilé. Bó bá ti rà tán, ẹ fi ṣíbí ha inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lára rẹ̀ lóde, kí ẹ wá fi kànrìnkànrìn fọ̀ ọ́ mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ nìyí: wọ́n a gbé igbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi sínú oòrùn ọ̀sán, kó lè tètè gbẹ. Oòrùn a gbẹ òde rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Òde a fẹ́ sún kì, inú kò jẹ́ kó sún kì, igbá a sì sán láti etí ihò lọ sókè. Inú òjìji ni ó yẹ kó wà fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́, pẹ̀lú ihò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kó tó kan oòrùn. Ẹ óò mọ̀ pé ó gbẹ bí ẹ bá fi ìka kàn án tó dún gbọnran bí pákó gbígbẹ, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bí ojú ti rò lọ. Èyí tó bá ń dún gbò, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò ní àkókò, kó ra èyí tó ti gbẹ. Ọ̀yọ́ ni ìlú tí òkìkí igbá fínfín rẹ̀ kàn jù nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fín igbá fún òun, kó tètè lọ bá wọn ṣáájú oṣù Dìsẹ́ńbà. Ìdánwò kan náà ni fún èyí tí a rà: kàn án, gbé e wò, kí o sì fi imú gbọ́ inú rẹ̀. Òórùn kíkan túmọ̀ sí pé wọn kò ha inú rẹ̀ tán.

Bí a bá fẹ́ kí kèrègbè wa pọ́n, a kò nílò ọ̀dà inú agolo. Poróporo ọkà bàbà pupa, ìyẹn èèpo tó wé mọ́ igi bàbà, ní àwọ̀ tó dára púpọ̀. Òun ni àwọn tó ń ṣe wàrà fi ń pa wàrà láró pupa. Ẹ sè é: ẹ̀kún ọwọ́ méjì poróporo gbígbẹ sínú omi lítà 4, pẹ̀lú kán-ún tó tó orí àtàǹpàkò, fún ìdajì wákàtí. Kán-ún ló ń fa àwọ̀ náà jáde. Láìsí i, omi náà kò ní pọ́n tó. Ẹ ri igbá sínú rẹ̀ nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì fi sílẹ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn tó bá gbẹ padà ni kí ẹ tó fi àdín díẹ̀ pa á kó máa dán. Bí àdín bá kọ́kọ́ kàn án, aró kò ní wọlé mọ́, ara rẹ̀ yóò sì di alámì tótòtó. Bí àdín bá pọ̀ jù, eruku ọyẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà yìí ni a tó ń lu ihò tí iná yóò máa gbà tàn síta. Ẹ fi èédú ya ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan yóò wà kí ẹ tó fọwọ́ kan irin. Ẹ jẹ́ kí ó tó ìbú ìka kan láàárín ihò kan sí èkejì, torí bí wọ́n bá súnmọ́ra jù, àárín wọn yóò já di ihò ńlá kan. Ìṣó tí a fi sínú iná títí ó fi pọ́n ń ṣe ihò tó mọ́, tí etí rẹ̀ kì í sán. Ẹ̀rọ tí ń luhò yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi agbára tì í yóò fọ́ igbá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹun. Ẹ bo imú yín fún gbogbo iṣẹ́ híha àti lílu. Eruku inú igbá tó ti bu rí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá, ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà kò gbọdọ̀ ṣe apá iṣẹ́ yìí. Ní ti iná, ẹ má fi àbẹ́là sínú igbá láéláé. Igbá gbígbẹ jẹ́ ohun tí iná ń mú bí iná ti ń mú pòròpórò. Gílóòbù kéékèèké tí kì í gbóná, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú bátìrì, ni kí ẹ gba ìdí rẹ̀ tì bọ inú rẹ̀.

Òdòdó ní tirẹ̀ kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé òdòdó gbígbẹ jẹ́ ohun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ṣọkọ yòkòtò tí àwọn ìyá wa ń gbìn sẹ́yìnkùlé wà níbẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ tí a kò já a sọ́bẹ̀ mọ́, yóò yọ ṣírí òdòdó tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣá bó bá gbẹ. Àsìkò gígé rẹ̀ ló ṣòro. Ẹ gbọn ṣírí kan sórí àtẹ́lẹwọ́. Bí èso dúdú wínníwínní bá ń já sílẹ̀, ó ti pẹ́ jù; yóò máa dà sórí aṣọ tábìlì. Ẹ gé e nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣírí ti tanná ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ṣì ń bọ̀, lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ lára rẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ ja gbogbo ewé ara igi rẹ̀ dànù, nítorí ewé ló ń gbé omi dání jù. Ẹ di igi mẹ́jọ sí mẹ́wàá pọ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àárín ìdì tó bá nípọn kì í rí afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti bu. Rọ́bà ni kí ẹ fi dì í. Igi òdòdó ń tín-ín-rín bó ti ń gbẹ. Okùn tí a so kì í tẹ̀ lé e, rọ́bà ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó fi okùn so ó yóò bá gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ẹ gbé e kọ́, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kí igi rẹ̀ lè gbẹ ní tààrà, nínú yàrá tó ṣókùnkùn tí afẹ́fẹ́ sì ń wọ̀. Oòrùn yóò gba àwọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Bí ayẹyẹ bá bọ́ sí oṣù Agẹmọ tàbí oṣù Ògún, ká má tan ara wa, òdòdó tí a gbé kọ́ inú ilé lásán yóò bu. Àjà orí àdògán, níbi tí èéfín díẹ̀ ti ń gòkè, ló lè gbẹ ẹ́ nígbà òjò, èéfín yóò sì dín dídán rẹ̀ kù. Ẹ ṣẹ́ igi kan wò kí ẹ tó kó o sílẹ̀. Bó bá dún pákáń, ó gbẹ. Bó bá tẹ̀, ẹ dá a padà.

Lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ìdì ṣọkọ yòkòtò kan pẹ̀lú ṣírí bàbà márùn-ún nínú àdó kékeré ti tó. A gbà yín níyànjú pé kí ẹ lo ṣírí tí wọ́n ti pa ọkà ara rẹ̀, tí í ṣe ohun tí àgbẹ̀ ń jù nù. Èyí tó ní ọkà lára dára lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n eku yóò bá yín pín in kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ da yanrìn sí ìdajì àdó náà kí ó má baà ṣubú.

A wá dé orí imọ̀. Ọ̀pẹ kì í pẹ̀ka. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń dàgbà, ní góńgó orí rẹ̀, níbi tí ọ̀gọ̀mọ̀ ti ń yọ. Ewé tuntun bíi méjì ló ń yọ lóṣù, abíyá ewé kọ̀ọ̀kan sì ni ìdì ẹyìn ti ń jáde. Ẹni tó bá gé ọ̀gọ̀mọ̀ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ wu ojú, ó ti mú ewé tí yóò bọ́ ẹyìn ọjọ́ iwájú lọ. Bí ọ̀bẹ rẹ̀ bá sì jìn dé ọkàn ọ̀pẹ, igi náà kú nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀gọ̀mọ̀ yìí náà ni màrìwò, ó sì ní ohun tó ń sọ nílẹ̀ wa. Màrìwò ni aṣọ Ògún. Bí a bá là á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, ojúbọ ni à ń sọ pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti pé kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló gbọdọ̀ wọbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà Káńdómúlé ní Bràsíl ṣì ń fi í kọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn ilé òrìṣà wọn títí dòní, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é kò jìnnà sí tiwa: mariwô. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó, ẹ má fi àmì ojúbọ dí ọ̀nà àlejò.

Ewé ìsàlẹ̀ ni tiwa. Àwọn tó ń kọ ẹyìn ní láti gé ewé tó wà lábẹ́ ìdì tó pọ́n kí àdá lè dé ibẹ̀, wọn a sì fi sílẹ̀ nínú oko. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn ṣáájú. Ewé tó gbó dáadáa ṣùgbọ́n tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ ni kí ẹ béèrè. Èyí tí etí rẹ̀ ti ń pọ́n yóò ya lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gé ju bó ti yẹ lọ nítorí owó yín: ó kéré tán, ewé méjì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lábẹ́ ìdì ẹyìn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mélòó ni a nílò? Òpó ọparun méjì ni yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ géètì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 lórí ilẹ̀. Imọ̀ yóò gun òpó dé òkè, ìyẹn 8, yóò tẹ̀ lọ sí àárín géètì, ìyẹn 4, a ó sì fi 2 kún un kí orí tọ̀tún àti tòsì lè gun ara wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14. Apá ìsàlẹ̀ imọ̀ tó ní ẹ̀gún, tó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4, ni a ó gé dànù, nítorí náà ẹ wá imọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18, èyí tí kò ṣòro rí lára ọ̀pẹ tó dàgbà. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, pẹ̀lú méjì fún àṣìṣe: mẹ́jọ.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni kí wọ́n gé e. Ní àkókò ọyẹ́, imọ̀ tí a gé ní Ọjọ́bọ̀ yóò ti máa ká ewé rẹ̀ pọ̀ kí ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí omi bá ti ń dín kù lára rẹ̀, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan a pa dé bí ẹni ká ìwé sí méjì. Ẹ tẹ́ àwọn imọ̀ náà sábẹ́ òjìji, kí ẹ fi àpò ìdọ̀họ tí a rì sínú omi bò wọ́n látòkè délẹ̀, kí ẹ sì tún un rì kí ẹ tó sùn. Kíki ìdí rẹ̀ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àpò tútù tó dí afẹ́fẹ́ gbígbẹ mọ́ ọn ló ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ ri òpó ọparun sínú ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ kọnkéré, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20 tí yanrìn tútù kún dẹ́nu ni yóò di òpó kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ fi ọparun kẹta dábùú orí wọn, kí imọ̀ má baà máa ru ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa wó ọ̀ṣọ́ tí kò ní ọ̀pá ìdábùú. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, ẹ ṣí àpò, kí ẹ mú imọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, orí rẹ̀ ló ń tẹ̀. Níbi tí ó ti fẹ́ yà láti òpó lọ sí àárín, ẹ fi ọ̀bẹ fá ẹ̀yìn ọ̀pá rẹ̀ fẹ́lẹ́ ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún ta-ta, ẹ dúró, ẹ tún un fá. Ìko ni kí ẹ fi so ó, ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, lẹ́yìn tí ìko ti wà nínú omi fún ìdajì wákàtí. Ìko gbígbẹ a máa já níbi kókó. Nítorí pé ọ̀pá imọ̀ ń tín-ín-rín bó ti ń gbẹ, ẹ padà wá fún un ní ọ̀sán. Okùn tó ti dẹ̀ ni kí ẹ tún fà.

Ẹni tó bá fẹ́ di ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí irun, kó ṣe é ní àárọ̀ yìí kan náà. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ewé kò ní gbà kí a ṣẹ́ òun padà láìfàya.

Mẹ́rin nínú kèrègbè yóò sọ̀ lára ọ̀pá ìdábùú. Mẹ́jọ tó kù yóò wà lórí okùn láti igi dé igi. Ẹ jẹ́ kí imọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ibi ìdáná àti ẹnu èéfín jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń ta bángà. Ní ọjọ́ Sátidé, imọ̀ tutù kì í tètè gbiná. Ní Ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohun kan náà ti di ohun tó ń tètè gbiná, ẹ tú u kúrò.

Bí ẹ bá tú u, ẹ fún ewúrẹ́ ní ewé tó bá ṣì tutù. Ẹ ha ewé gbígbẹ kúrò lára ẹyọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀, kí ẹ di àwọn igi náà ní ìgbálẹ̀. Imọ̀ mẹ́jọ yóò fún yín ní ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pá rẹ̀ di igi ìdáná tàbí ọgbà ewébẹ̀. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú kèrègbè, ẹ nù wọ́n, kí ẹ sì gbé wọn kọ́ sí ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń dé. Ẹ má dì wọ́n sínú ọ̀rá, omi tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ yóò há mọ́ wọn níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ wọn àti abẹ́ ọparun. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun kúnná tó kóra jọ, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ẹ ya èyí tó kàn sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ gbé e sórí àjà tí èéfín ń dé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ tó dá a padà sáàárín àwọn yòókù.